Dóòbẹ́ẹ̀lì tí kì í gbélé: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Gwárínpà

Ilé náà jẹ́ ilé alájà kan ní Gwárínpà, Àbújá. Màmá tó ni ín ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Hústọ̀n, ní Amẹ́ríkà, ló ra dóòbẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà lọ́hùn-ún tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n fi síkírúù dè é mọ́ òpó géètì níta. Bátìrì ló ń lò, kò sí wáyà kankan tó wọ inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, fóònù Màmá á dún, fóònù ọmọ ní Hústọ̀n náà á dún, ì báà jẹ́ òru lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ó lé ní oṣù mẹ́fà tó fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ráútà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ti àtijọ́ jẹ́ ráútà 4G kékeré kan tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Tuntun jẹ́ 5G. Ọkọ ọmọ Màmá kejì, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń gbé inú ilé náà, ló tò ó. Ó fún un ní orúkọ wáìfáì àtijọ́ àti páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù sínú nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n tó dára ni. Fóònù, tẹlifíṣọ̀n, lápútọ́ọ̀pù, gbogbo wọn wọlé fúnra wọn. Dóòbẹ́ẹ̀lì náà wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni áàpù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ `Offline`.

Nígbà tí wọ́n pè mí láti wá tún un ṣe, tí mo sì dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti sú Màmá. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ tí mo ní kó máa bá mi ṣọ́lé, òun gan-an ni kì í gbélé. Máìgádì mi sàn jù ú lọ, òun ṣì máa ń dáhùn tí mo bá pè é."

Wọ́n ti gbìyànjú ohun tí gbogbo èèyàn máa ń gbìyànjú. Wọ́n ṣáájì bátìrì títí ó fi kún. Wọ́n yọ dóòbẹ́ẹ̀lì kúrò nínú áàpù, wọ́n tún un fi síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n ra ẹ́kísítẹ́ńdà tó ń mú wáìfáì dé ibi tó jìnnà, wọ́n rà á, wọ́n kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Gbogbo rẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì wọ̀nyí ló máa ń ṣi oníṣẹ́ lọ́nà jù, nítorí ẹni tó ṣe é á gbà pé òun ti rí ìdí rẹ̀.

Ọkọ ọmọ Màmá ní èrò tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé nǹkan yìí ò bá 5G mu? Àbí ká kúkú dá ráútà àtijọ́ padà?"

Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ìdajì kejì ni kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ nítorí pé gbogbo oníbàárà ló máa ń pa méjèèjì pọ̀. 5G tí wọ́n kọ sára páálí ráútà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ láti orí òpó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù. Lórílẹ̀-èdè yìí, ìgbì 3.5 gígáhẹ́ẹ̀tìsì ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, tà ní gbàǹjo fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Dóòbẹ́ẹ̀lì ò mọ òpó yẹn rí, kò sì ní í bá a sọ̀rọ̀ láéláé. Ráútà nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó kan dóòbẹ́ẹ̀lì ni wáìfáì tí ráútà ń tú jáde sínú ilé, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà tú u jáde: ọ̀kan lórí 2.4 gígáhẹ́ẹ̀tìsì, ìkejì lórí 5 gígáhẹ́ẹ̀tìsì. Ráútà mìíràn á wá kọ ìkejì yìí sójú ìwé rẹ̀ bíi `5G`, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá.

2.4 nìkan ni dóòbẹ́ẹ̀lì yìí gbọ́. Bíi rédíò tí kò ní FM ni: bó ti wù kí ilé iṣẹ́ rédíò pariwo tó lórí FM, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un. Kì í sì í ṣe àléébù pé wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. 2.4 ń rìn jìnnà ju 5 lọ, ó sì ń la bíríkì kọjá dáadáa jù ú lọ, ó sì dín owó ẹ̀rọ kù. Fídíò tí dóòbẹ́ẹ̀lì ń fi ránṣẹ́ kò sì ju mẹ́gábíìtì bíi méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò nílò eré 5. Ráútà àtijọ́ ò ní ju 2.4 lọ, ìdí nìyẹn tí wàhálà ò fi sí. Tuntun ní méjèèjì lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Ẹ̀rí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ò sí nínú ilé náà rárá. Ọ̀dọ̀ ọmọ Màmá ní Hústọ̀n ló wà. Áàpù rẹ̀ máa ń fi ìgbà tí dóòbẹ́ẹ̀lì kúrò àti ìgbà tó padà hàn án, ó sì ti ń ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù ẹbí pẹ̀lú ìbínú. Mo ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi wákàtí mẹ́fà kún aago tirẹ̀ kí ó lè bá tiwa mu. Nígbà tí mo tò wọ́n tẹ̀ léra, mo rí i pé oríṣi ìkúrò méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra.

Èyí àkọ́kọ́ kúrú. Ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ sí, á kúrò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí bí ìdajì wákàtí á tún padà fúnra rẹ̀. Èkejì gùn. Ó lè kúrò lóru kó má padà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kì í sì í padà àyàfi tí ẹnì kan bá pa ráútà kó tún un tàn, tàbí tí iná bá lọ tó dé. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má ṣe wá ìdí kan ṣoṣo fún méjèèjì. Èyí tó kúrú ni mo kọ́kọ́ mú.

Ráútà wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni 5G ti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa. Géètì wà níwájú. Ògiri bíríkì oníníńṣì mẹ́sàn-án méjì àti pẹpẹ kọnkéré àjà kejì ló wà láàárín wọn. Mo ṣí ojú ìwé ráútà láti orí lápútọ́ọ̀pù:

```
http://192.168.0.1
```

Nínú àkójọ àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, mo rí dóòbẹ́ẹ̀lì lórí `2.4G`, agbára ìgbì rẹ̀ sì jẹ́ -79 dBm. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dára sí i. Ní -65 tàbí -67, fídíò á máa lọ geerege. Tó bá ti di -80, ó ti ń rá pálá. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ọmọ Màmá máa ń gbé jíìpù rẹ̀ wọlé, á sì gúnlẹ̀ sẹ́yìn géètì gan-an, irin ńlá tó dúró láàárín dóòbẹ́ẹ̀lì àti ilé. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà yẹn bọ́ sí -83 lójú mi.

Ṣùgbọ́n ìgbì tí kò lágbára nìkan kọ́. Bó bá jẹ́ òun nìkan, àwòrán á kọ́kọ́ máa fọ́, á máa dúró gbagidi, kó tó kúrò. Ti ilé yìí, àwòrán ń lọ, ó sì já lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n fi àáké gé e. Ohun kan ló lé e. Lórí ojú ìwé wáìfáì, mo rí `Smart Connect` tó wà ní títàn. Ráútà mìíràn ń pè é ní `Band Steering`. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àwọn ẹ̀rọ sórí 2.4 àti 5 lábẹ́ orúkọ kan. Bí ó bá rí ẹ̀rọ kan tí ìgbì rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ibi tí wọ́n fi ààlà sí, á já a sílẹ̀, pẹ̀lú èrò pé á wá ibòmíràn tó dára jù wọ̀. Fóònù á wá a. Dóòbẹ́ẹ̀lì ò ní ibòmíràn. Á tún kan ilẹ̀kùn 2.4, ráútà mìíràn á sì kọ̀ láti dá a lóhùn fúngbà díẹ̀ nítorí ó ń retí pé kó lọ sórí 5. Ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì kì í sì í kanlẹ̀kùn títí, á sinmi kó má baà jẹ bátìrì rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ni á tún gbìyànjú. Ibi tí ìṣẹ́jú díẹ̀ àti ìdajì wákàtí yẹn ti wá nìyẹn.

Mo pa `Smart Connect`, ráútà sì fún mi ní àyè láti fún báńdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2.4 àti 5, lórúkọ tirẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ni mo fi sílẹ̀ fún 2.4, mo fi `_5G` kún ti ìkejì. Bí a bá yí i padà, ká fi orúkọ àtijọ́ fún 5, a ní láti lọ tú dóòbẹ́ẹ̀lì kúrò lára òpó, ká tún fi kóòdù QR hàn án látìbẹ̀rẹ̀. Báyìí, òun ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àwọn fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni a wá fi ọwọ́ tì sórí 5, a sì ní kí wọ́n gbàgbé orúkọ àtijọ́, kí 2.4 lè ráyè. Mo yí ààbò ti 2.4 sí `WPA2` nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ò gbọ́ `WPA3`.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ráútà máa wà fa àríyànjiyàn díẹ̀. Mo fẹ́ kó bọ́ síwájú, ọkọ ọmọ Màmá ń bẹ̀rù pé eré íńtánẹ́ẹ̀tì á dínkù. Mo gbé e lọ sí fèrèsé orí àtẹ̀gùn, tó kọjú sí géètì. Àmì 5G dín igi kan kù, eré rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nígbà tó dán an wò, dóòbẹ́ẹ̀lì sì gòkè wá sí -67. Nígbà tí jíìpù gúnlẹ̀, ó di -71. Ìkúrò kúkúrú dópin níbẹ̀.

Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Màmá tún kọ̀wé láti Hústọ̀n: láti òru àná ló ti lọ, kò padà. Ìkúrò gígùn ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá iná lọ lóru náà.

"Wọ́n mú un lọ bí aago méjì, kí máìgádì tó tan jẹ́nẹ́rétọ̀ ó ti di ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú o."

Ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú jẹ́ àsọdùn Màmá, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ráútà náà ò sí lórí ínfátà, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ló ń kú, gbogbo ìgbà tó bá dé ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo débẹ̀, mo dúró sí géètì. Fóònù mi rí wáìfáì náà, ó wọ̀ ọ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ púpọ̀ á ti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀: wáìfáì dé géètì, dóòbẹ́ẹ̀lì ló bàjẹ́, ẹ lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún dóòbẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́ ohun púpọ̀ tí èyí ò gbọ́. Mo tú dóòbẹ́ẹ̀lì kúrò lára òpó, mo gbé e gun orí àtẹ̀gùn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà gan-an, ìwọ̀n apá kan. Kò rí i. Ìgbà tí mo tiẹ̀ ní kó ṣàwárí àwọn wáìfáì tó wà nítòsí, ó ka ti aládùúgbò mẹ́ta fún mi, kò ka ti inú ilé tó wà.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹ̀rọ tó rí ti aládùúgbò tí kò rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjìnnà mọ́. Mo ṣí `WiFi Analyzer` lórí fóònù Áńdírọ́ọ̀dù mi. 2.4 ti ilé náà wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 13.

Inú 2.4 pín sí ọ̀nà kéékèèké tí à ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Ní Yúróòpù àti lọ́dọ̀ tiwa, ráútà lè lo 1 dé 13. Ní Amẹ́ríkà, 1 dé 11 ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà ibẹ̀ kì í sì í tẹ́tí sí ohunkóhun tó bá kọjá 11. Dóòbẹ́ẹ̀lì yìí ti Hústọ̀n wá. Ráútà náà ní tirẹ̀ wà lórí `Auto`: gbogbo ìgbà tó bá tàn, á wo àyíká, á yan ṣánẹ́ẹ̀lì tó dákẹ́ jù. Ní Gwárínpà tí ilé fara kan ilé, 1, 6 àti 11 ti kún fún wáìfáì aládùúgbò, nítorí náà 13 máa ń wù ú. Bó bá yan 3 tàbí 9, ohun gbogbo á dára. Bó bá yan 12 tàbí 13, ráútà ti pòórá lójú dóòbẹ́ẹ̀lì, títí iná yóò fi tún lọ.

Ìdí tí àtúnṣe wọn ìṣáájú fi ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì náà hàn wàyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń tún dóòbẹ́ẹ̀lì fi sínú áàpù, wọ́n máa ń pa ráútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Pípa yẹn ló ń yí ṣánẹ́ẹ̀lì padà. Ẹ́kísítẹ́ńdà ò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí irú èyí tó ń gba wáìfáì ráútà tó sì ń tún un tú jáde lórí 2.4 máa ń tẹ̀ lé ṣánẹ́ẹ̀lì ráútà ni. Ráútà lọ sórí 13, òun náà bá a lọ.

Mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ àbá lásán, nítorí náà mo fi ọwọ́ yan ṣánẹ́ẹ̀lì 6. Dóòbẹ́ẹ̀lì wọlé kí n tó gbé lápútọ́ọ̀pù sílẹ̀. Mo dá a padà sí 13 níṣojú ọkọ ọmọ Màmá, ó kúrò. Mo tún dá a sí 6, ó padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá yan èyí tá a fi sílẹ̀: aládùúgbò kan gbóná gan-an lórí 11, 1 ní bíi mẹ́rin, 6 ní méjì tí ìgbì wọn rẹlẹ̀. A fi í sí 6, fífẹ̀ rẹ̀ sí `20 MHz`, nítorí `40 MHz` á gba ìdajì 2.4 tán, á sì kó ariwo gbogbo àdúgbò mọ́ra.

Fún àwa tí a ń fi nǹkan wọ̀nyí sílé onílé: mo ti wá ń béèrè ibi tí wọ́n ti ra dóòbẹ́ẹ̀lì kí n tó béèrè bátìrì rẹ̀. Èyí tó bá bá ẹrù wá láti Amẹ́ríkà, mo máa ń ti ráútà mọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì láàárín 1 sí 11 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì báà ti máa ṣiṣẹ́. Èyí tó bá sì kúrò pátápátá, ẹ gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bó bá wọlé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbì àti ògiri ni. Bí kò bá wọlé níbẹ̀, ẹ wo báńdì, ṣánẹ́ẹ̀lì àti ààbò. Áńdírọ́ọ̀dù lẹ máa fi wo ṣánẹ́ẹ̀lì, nítorí fóònù iPhone kì í sábà jẹ́ kí áàpù rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa bá ráútà tí wọ́n ti dí ojú ìwé rẹ̀ pàdé pẹ̀lú, tí kò sí ibi tí ẹ ti lè pín orúkọ sí méjì. Ẹ wá `Guest Network`. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ́ kí ẹ ṣe ti àlejò lórí 2.4 nìkan, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ àti `WPA2`, kí ẹ sì fi dóòbẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀. Ibi tí èyí kù sí ni pé wáìfáì àlejò kì í sábà jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ rí ara wọn. Fóònù ò ní ìṣòro, nítorí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fídíò ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àpótí agogo tí wọ́n kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, tó sì ń gba wáìfáì bá dóòbẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ tààrà, àfi kí àwọn méjèèjì jọ wà lórí wáìfáì kan náà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ara wọn.

Ní ilé Màmá, mo kọ orúkọ báńdì kọ̀ọ̀kan, ṣánẹ́ẹ̀lì 6, `20 MHz` àti `WPA2` sórí bébà, mo sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ráútà, nítorí ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì `Reset` yóò dá `Smart Connect` àti `Auto` padà láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ iná ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ti ra báńkì bátìrì kékeré oníráútà lọ́jà Wuse, ṣùgbọ́n ti ráútà 4G àtijọ́ ni. Ara ádápítà ráútà tuntun ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 12 fóólítì, 2.5 áńpíà. Èyí tí wọ́n ní kò lè gbé ju 1 áńpíà lọ, ráútà á sì máa kú lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí 5G bá ń ṣiṣẹ́ takuntakun. A fa wáyà láti ínfátà wá sí orí àtẹ̀gùn dípò rẹ̀.